Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú: Kí Ni A Ṣe Parí, Kí Ni Ó Kàn?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn, kò sì le. Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí ni ènìyàn yóò mú ìwé kékeré kan, tí yóò kọ iṣẹ́ tí ó ṣe parí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá sílẹ̀, tí yóò wo èyí tí ó ṣẹ́ kù, tí yóò sì dá àbá iṣẹ́ mẹ́ta tí yóò ṣáájú gbogbo iṣẹ́ yòókù ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣà àjèjì ni èyí, kí ó rántí àwọn ìyá wa alájàpá. Kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó dé ilẹ̀ wa, ọjọ́ ọjà ni àwọn baba wa fi ń ka ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n a máa ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń sọ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà náà. Nígbà tí alájàpá bá ti ọjà dé, kì í kàn sọ pé, “Mo tà lónìí,” kí ó sì sùn. Yóò tú ẹrù rẹ̀, yóò ka owó, yóò ka ọjà tí ó kù, yóò rántí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, lẹ́yìn náà ni yóò tó ro ohun tí yóò gbé lọ sí ọjà tí ó kàn. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn: ó ka èyí tí ó ti tà kí ó tó ro èyí tí yóò gbé. Bí a ṣe ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà nìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìyá aránṣọ kan. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta ni ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, ó jókòó ti tábìlì, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí òkè ojú-ewé àkọ́kọ́ pé: “Ohun tí ó parí.”

Bí ẹ bá bi í léèrè ní ojú ẹsẹ̀ pé aṣọ mélòó ni ó rán ní ọ̀sẹ̀ náà, yóò ní, “Háà, mo rán aṣọ púpọ̀! Ẹ̀yìn ń dùn mí.” Òótọ́ ni pé ẹ̀yìn ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn dídùn kì í ṣe ìṣirò. Nítorí náà kò gbọdọ̀ fi orí kọ ọ́. Ìwé tí ó ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí ni yóò ṣí, yóò sì máa wo wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé aṣọ ilé-ìwé 4 ti jáde, àwọn òbí sì ti wá gbà á. Ó rí ìró àti bùbá méjì tí àwọn tí ó ni wọ́n ti gbà. Ó tún rí gáùn kan tí ó ti rán tán, tí ó sì ti lọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí bọ́tìnnì lára rẹ̀. Ṣé 7 ni yóò kọ ni, tàbí 6?

6 ni yóò kọ. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń tan ara wọn jẹ. Iṣẹ́ tí ó parí ni iṣẹ́ tí ẹlòmíràn lè fi ojú rí pé ó parí, tí kò sì tún ní padà bá wa ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Gáùn tí kò ní bọ́tìnnì ṣì ń bọ̀ wá bá a. Nítorí náà kò tíì parí. Bí ó bá kà á mọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí, yóò gbàgbé bọ́tìnnì náà títí ẹni tí ó ni gáùn yóò fi dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bákan náà ni kí ó má ṣe kọ, “Mo ń bá aṣọ lágbájá lọ.” Ohun tí a ń bá lọ kò ní ààyè lójú-ewé àkọ́kọ́. Kí ó kọ orúkọ ohun náà, kí ó kọ iye rẹ̀, kí ó sì fà á tì.

Ìyá aránṣọ wa tún ṣí ojú-ewé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, aṣọ 7 ni ó jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 5. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 6. Bí ó bá fi 6 ti ọ̀sẹ̀ yìí kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi pín in: 24 sí ọ̀nà mẹ́rin jẹ́ 6. Nísinsìnyí ó mọ agbára rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì, aṣọ mẹ́fà ni ó ń mú jáde ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn. A óò padà bá a.

Ojú-ewé kejì ni ó kọ “Ohun tí ó kù” sí. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ nìyí: gáùn tí kò ní bọ́tìnnì, aṣọ ilé-ìwé méjì tí ó ṣèlérí fún ọjọ́ Ẹtì, aṣọ ẹbí 10 fún ìgbéyàwó kan, tí àwọn obìnrin náà fẹ́ gbà ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ méjì sí i, tí a kò tíì gé ọ̀kankan nínú rẹ̀, tí a kò sì tíì wọn mẹ́rin nínú àwọn obìnrin náà, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ tí ń yọ̀, owó tí oníbàárà kan jẹ ẹ́, àti bí yóò ṣe kọ́ ọmọ iṣẹ́ àgbà ní apá aṣọ gígé.

Ní ojú-ewé yìí, àmì kan wà tí ó yẹ kí á máa wá. Ẹ wo iṣẹ́ tí ó ti fara hàn lójú-ewé yìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra wọn. Ní ti ìyá aránṣọ, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ni. Ó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé, “Tún ẹ̀rọ ṣe,” kò sì tíì tún un ṣe. Iṣẹ́ tí ó bá ń rìn báyìí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ó ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ó tóbi jù, a kò sì mọ ibi tí a óò ti dì í mú. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà, tí a kò sì tíì bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ní tòótọ́ a kò fẹ́ ṣe é rárá, kí á kúkú fa igi lé e lórí. Ti ẹ̀rọ yìí, ohun kejì ni. Kì í ṣe ìyá aránṣọ ni yóò tún un ṣe. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó pe ọkùnrin náà. Nítorí náà ó pa “Tún ẹ̀rọ ṣe” rẹ́, ó sì kọ dípò rẹ̀ pé, “Pe ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.” Ìpè kan ni, kò sì ní gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ojú-ewé kẹta, níbi tí a ti ń dá àbá mẹ́ta. Kí á tó yan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á gbé iye 6 tí a fi sọ́kàn wá. Aṣọ ẹbí 10 àti aṣọ ilé-ìwé 2 jẹ́ aṣọ 12. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Aṣọ mẹ́fà ní ọ̀nà méjì jẹ́ 12. Iye wọn dọ́gba gẹ́lẹ́! Èyí ni pé kò sí ààyè fún aṣọ kan ṣoṣo mìíràn títí di ọjọ́ tí aṣọ ẹbí yóò fi jáde. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ ní ọjọ́ méjì péré, aṣọ ẹbí kò ní pé. Bí kò bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yìí, kò ní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò máa rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ṣì jìnnà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó fi yan mẹ́ta náà. Àkọ́kọ́: èwo ni ó ní ọjọ́ tí kò ṣeé yí padà? Aṣọ ilé-ìwé ní ọjọ́ Ẹtì, aṣọ ẹbí sì ní Àbámẹ́ta tirẹ̀. Èkejì: èwo ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn yòókù, tí wọn kò lè kọjá bí òun kò bá kúrò? Ẹ̀rọ ni, àti wíwọn àwọn obìnrin mẹ́rin náà. Ẹ̀kẹta: èwo ni yóò ná wa ní ohun tí ó pọ̀ jù bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i? Aṣọ ẹbí ni, nítorí ojú ènìyàn mẹ́wàá ni yóò ti sọ orúkọ rere nù ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ó wá kọ àbá rẹ̀ báyìí. Èkíní: kí a pe ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí bẹ́líìtì tuntun sì wà lára ẹ̀rọ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èkejì: kí a wọn obìnrin mẹ́rin yòókù kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kí aṣọ ẹbí 10 di gígé, kí 4 nínú rẹ̀ sì di rírán títí dé bọ́tìnnì kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀kẹta: kí aṣọ ilé-ìwé 2 jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Mẹ́rin àti méjì, mẹ́fà nìyẹn. Kò kọjá agbára rẹ̀.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, gáùn tí kò ní bọ́tìnnì ńkọ́? Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. Ọmọ iṣẹ́ kékeré yóò ṣe é ní ọjọ́ Ajé. Àwọn iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ní ibi tí à ń kọ wọ́n sí, ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé, wọn kò sì gbọdọ̀ gba ipò mẹ́ta náà. Owó tí wọ́n jẹ ẹ́ ńkọ́? Yóò bèèrè rẹ̀ bí ó bá rí onígbèsè náà, ṣùgbọ́n kò ní pa ṣọ́ọ̀bù dé nítorí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Apá aṣọ gígé tí yóò kọ́ ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Ó kọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ẹ ò rí i pé mẹ́ta kì í ṣe oògùn. Ohun tí ó mú kí mẹ́ta dára ni pé ó kéré tó láti dúró lórí láìwo ìwé, ó sì ń mú wa sọ ohun tí a kò ní ṣe jáde. Ẹni tí ó kọ mẹ́wàá kò tíì yan nǹkan kan. Ó kàn tún ojú-ewé kejì kọ ni.

Mo pè é ní àbá nítorí pé kì í ṣe àṣẹ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyá aránṣọ pe ọmọ iṣẹ́ méjèèjì, ó sì ka mẹ́ta náà sí wọn létí. Ọmọ iṣẹ́ àgbà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, òwú tí ó bá aṣọ ẹbí yẹn mu kù díẹ̀; kò lè ran mẹ́rin tán.” Ìyá kò mọ̀, ọmọ iṣẹ́ mọ̀. Wọ́n fi òwú rírà sí ọjọ́ Ajé. Bí ó bá jẹ́ pé ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mọ̀, ọjọ́ kan ni ìbá bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ó ka àbá rẹ̀ sí wọn létí, kí ó sì fi etí sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, oníbàárà àtijọ́ kan gbé léèsì wọlé. “Ìyá, mo fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Àbámẹ́ta yìí o.” Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn aránṣọ sábà máa ń wí: “Kò sí wàhálà, ẹ wá gbà á.” Ibẹ̀ ni “ẹ padà wá lọ́la” ti ń bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ayé fi ń pe aránṣọ ní onírọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ purọ́. Wọn kò ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí wọ́n tó dáhùn. Ìyá aránṣọ wa wo ìwé rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, aṣọ ìgbéyàwó ni ó wà lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, tiyín ni mo máa kọ́kọ́ gé.” Obìnrin náà rojú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi aṣọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí a lè mú ṣẹ sàn ju ọjọ́ dídùn tí kò ní ṣẹ.

Ọjọ́ Àìkú tún dé. Ẹ̀rọ ti dára. Aṣọ ilé-ìwé ti jáde. Aṣọ ẹbí 10 ti di gígé, ṣùgbọ́n 3 ni ó rán parí, kì í ṣe 4. Ó kọ 3. Ó kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pé: obìnrin kan kò wá fún wíwọn títí di Ọjọ́bọ̀. Aṣọ 7 ni ó kù, agbára ọ̀sẹ̀ kan sì jẹ́ 6. Aṣọ kan ti lé. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó mọ̀ pé aṣọ kan lé, ọjọ́ mẹ́fà ṣì wà níwájú rẹ̀. Ó lè gbé ọ̀kan fún aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè fi ìrọ̀lẹ́ méjì kún iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé òru ọjọ́ Ẹtì ni ó mọ̀, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ìbá kù.

Kí ni ó fà á tí iye tí a rò fi ń kéré sí iye tí iṣẹ́ ń gbà? Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Daniel Kahneman àti Amos Tversky kọ̀wé lórí àṣìṣe yìí ní 1979. Ní 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 37 léèrè pé ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi parí ìwé àṣejáde wọn. Ìpíndọ́gba ìdáhùn wọn jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 34. Nǹkan bí ọjọ́ 55 ni ó gbà wọ́n. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí ènìyàn bá ń ro iṣẹ́ tí ń bọ̀, bí yóò ṣe lọ láìsí ìdíwọ́ ni ó ń rò. Kì í bojú wẹ̀yìn wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ojú-ewé “Ohun tí ó parí” fi gbọdọ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó bá kọ mẹ́ta láì kọ́kọ́ ka ohun tí ó parí, àlá ni ó ń kọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, “Mo fẹ́ ka ìwé dáadáa,” ta ni yóò fi ojú rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú pé ó parí? Ẹ kọ ọ́ pé, “Èmi yóò ṣe ìṣirò 10 lórí ìdá, èmi yóò sì fi han olùkọ́ ní Ọjọ́bọ̀.” Bí 6 bá gbà nínú rẹ̀, tí 4 kò gbà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó kọ fún ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Lílọ sí ilé-ìwé, omi pípọn àti ilé gbígbá kò sí lára mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni ẹ ń ṣe wọ́n.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé mẹ́ta tí à ń yàn kò dára? Bí ẹ bá ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí kí ó tó di Ọjọ́rú ní gbogbo ọ̀sẹ̀, wọ́n kéré jù. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni ẹ fi dí ipò wọn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni ó ń parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra wọn, wọ́n tóbi jù. Ẹ gé wọn sí méjì. Bí ìjókòó náà bá sì ń gbà ju wákàtí kan lọ, ó ti di pé ẹ ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an dípò kí ẹ ka iye rẹ̀. Bí ẹ bá fo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ṣe padà lọ kọ èyí tí ó kọjá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà.

Ìwé yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kò lè yan ẹni tí yóò ṣàìsàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nìkan ni kí ó yàn nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀kan péré. Ọjọ́ Àìkú pàápàá kì í ṣe dandan. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ń gbóná ní ọjọ́ Àìkú, kí ó yan ìrọ̀lẹ́ mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kí ó má sì yí i padà, kí iye ọ̀sẹ̀ kan lè ṣeé fi wé ti èkejì.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ mú ìwé. Ojú-ewé kìíní: ohun tí ó parí, pẹ̀lú iye rẹ̀. Ojú-ewé kejì: ohun tí ó kù, kí ẹ sì fi àmì sí èyí tí ó ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú-ewé kẹta: mẹ́ta péré, kí ọjọ́ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.